Ṣé Ínfátà Kékeré Ń Ba Fóònù Jẹ́? Àlàyé Lórí Ìgbì Iná, Ṣájà àti Páńẹ́lì Sólà

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ilé tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tan iná ló ti yí sí páńẹ́lì sólà kan, bátìrì kan àti ínfátà kékeré kan. Fóònù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi í ṣájì, ibẹ̀ náà sì ni awuyewuye ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní ínfátà olówó pọ́ọ́kú ló ba bátìrì fóònù òun jẹ́. Ẹlòmíràn á ní òun ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́, kò sì sí wàhálà kankan. Oníṣẹ́ iná á wá dá sí i pé àfi èyí tí wọ́n bá kọ PURE SINE WAVE sí lára páálí rẹ̀, owó ìyẹn sì ga dáadáa.

Ká ti ibi ìdáhùn bẹ̀rẹ̀: ìgbì iná tó ń jáde láti inú ínfátà kì í dé ọ̀dọ̀ bátìrì fóònù. Ọ̀dọ̀ ṣájà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń pin sí. Bí ṣájà bá jẹ́ ojúlówó, bátìrì fóònù kò ní mọ̀ bóyá iná Nẹ́pà ni tàbí iná ínfátà kékeré. Àwọn nǹkan kan wà nínú ilé tí ìgbì yẹn ń bà jẹ́ ní tòótọ́, ọ̀nà mìíràn sì wà tí ínfátà kékeré fi ń pa olówó rẹ̀ lára, àmọ́ kì í ṣe ibi tí gbogbo ènìyàn ń wò.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìgbì iná?

Oríṣi iná méjì la ní. Èyí tó ń ti inú bátìrì àti páńẹ́lì jáde máa ń ṣàn síbì kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ ká pè é ní iná ojúkan. Èyí tí Nẹ́pà ń gbé wá máa ń lọ síwájú, á tún padà sẹ́yìn, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní iná alọbọ̀. Iṣẹ́ ínfátà ni láti sọ iná ojúkan bátìrì, tó jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 12, di iná alọbọ̀ fóòtì 230.

Bí iná Nẹ́pà ṣe ń lọ tó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń gùn. Á ti orí òdo gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé nǹkan bí fóòtì 325, á rọra sọ̀kalẹ̀ padà sí òdo, á sì ṣe bákan náà sí òdìkejì. Fóòtì 230 tí a ń pè é ni agbára tó ń ti ibẹ̀ wá lápapọ̀, òkè téńté ìgbì náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yà á sórí ìwé, á rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí òkè àti àfonífojì tí kò ní igun. Ìgbì dídán nìyí, òun ni PURE SINE WAVE tí wọ́n ń kọ sára páálí.

Ínfátà olówó kékeré kò ní ẹ̀yà tó lè ya irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tan iná, ó ń pa á. Iná á wà ní òdo, á fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á dúró síbẹ̀ díẹ̀, á já bọ́ sí òdo, á sinmi, á tún fò sí òdìkejì. Bí a bá yà á, igun-igun ni, bí àtẹ̀gùn. MODIFIED SINE WAVE ni wọ́n ń kọ sí ti ẹ̀. Nínú àlàyé yìí, ìgbì onígun la ó máa pè é. Bí páálí kò bá kọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, tí owó ọjà náà sì kéré, ẹ gbà pé onígun ni.

Kí ni ṣájà ń ṣe sí ìgbì náà?

Ẹ wo ara ṣájà fóònù yín. Ẹ óò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí báyìí:

```
INPUT: 100-240V~50/60Hz
OUTPUT: 5V 2A
```

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ń sọ pé ṣájà náà kò bìkítà bóyá fóòtì 100 ló rí tàbí 240. Ìdí tí kò fi bìkítà ni pé kò lo iná alọbọ̀ náà bó ṣe wọlé. Ẹ̀yà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní dáódù ló kọ́kọ́ ń gbà á, wọ́n á yí apá tó ń lọ sẹ́yìn kó lè máa lọ síwájú pẹ̀lú ìyókù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọ ọ́ sínú kápásítọ̀, tó ń kó iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀yà kan ti ń gé iná náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gba inú tiransifọ́mà kékeré kan kọjá, tí yóò fi di iná ojúkan fóòtì 5.

Ẹ ronú nípa táńkì omi orí òrùlé. Ẹ̀rọ lè máa fa omi sínú rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí kí ọmọ máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì dà á sí i gbàà, gbàà. Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀, níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú táńkì. Kápásítọ̀ inú ṣájà ni táńkì yẹn. Àní lẹ́yìn tí fóòtì 5 bá wọ inú fóònù, ẹ̀yà mìíràn ṣì wà níbẹ̀ tó ń pinnu iye iná tí bátìrì fóònù yóò gbà àti ìgbà tí yóò dúró. Ìgbì onígun kò lè kọjá gbogbo ibi wọ̀nyẹn lọ bá bátìrì.

Èyí kò sọ pé ara ṣájà fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí ìgbì onígun bá fò sókè lójijì, iná púpọ̀ á ya wọ inú kápásítọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dáódù àti kápásítọ̀ á gbóná díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń gbóná lórí iná Nẹ́pà. Ojúlówó ṣájà ní ẹ̀yà tó ń dín ìyà yẹn kù, kápásítọ̀ rẹ̀ sì tóbi tó. Ayédèrú tí wọ́n ń tà lórí bárò lè ní kápásítọ̀ bíńtín tí kò lágbára, wọ́n sì lè yọ ẹ̀yà ìdènà kúrò láti dín owó kù. Irú èyí ló ń kùn, tó ń gbóná tí ọwọ́ kò fi gbà á, tó sì ń kú láìtọ́jọ́. Àwọn ènìyàn á wá ní ínfátà ló pa á.

Ọ̀nà láti dán an wò kò le. Ẹ fi ṣájà sí ínfátà, kí ẹ jẹ́ kí fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ tán gba iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fọwọ́ kan ara ṣájà. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ lé e fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, tàbí tó ń rùn bí ike tó ń jóná, ẹ yọ ọ́, ẹ má tún lò ó mọ́, lórí iná Nẹ́pà pàápàá. Ohun tó ń ya fóòtì 300 sọ́tọ̀ kúrò lára fóònù àti ọwọ́ yín kò ju awẹ́ kékeré kan lọ nínú rẹ̀, ooru sì máa ń jẹ ẹ́.

Kí ló dé tí ojú fóònù ń ṣe wèrè lórí ínfátà?

Ohun tó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù lọ nìyí. Fóònù wà lórí ṣájà, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, tàbí kí ó kọ̀ láti gbọ́ ìka.

Ojú fóònù ń mọ ìka nípa ìyípadà iná kékeré gan-an tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ara ènìyàn bá súnmọ́ ọn. Inú ṣájà sì ní kápásítọ̀ kékeré kan tó so ìhà iná gíga pọ̀ mọ́ ìhà fóòtì 5, kí ṣájà má baà máa da ariwo sórí rédíò. Kápásítọ̀ yìí kì í jẹ́ kí iná tó ń rọra gùn kọjá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá fò lójijì máa ń rí ọ̀nà gbà níbẹ̀. Igun ìgbì onígun á gba ibẹ̀ dé ara fóònù, ojú fóònù á sì rò pé ìka ni. Ìdí kan náà ló ń mú kí ara fóònù onírin máa ta ènìyàn ṣínṣín ní ọwọ́, nítorí pé ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò ní wáyà ilẹ̀ tí iná náà lè bá lọ.

Kì í ba fóònù jẹ́. Àmọ́ ó lè ba owó jẹ́: ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́, ẹ má sì tẹ nọ́ńbà àṣírí báńkì nígbà tí fóònù bá wà lórí irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ okùn rẹ̀ ná. Bí ó bá ń ṣe é púpọ̀, ẹ pààrọ̀ ṣájà kí ẹ tó pààrọ̀ ínfátà, nítorí pé ayédèrú ṣájà ń ṣe é lórí iná Nẹ́pà náà.

Kí ni ìgbì onígun ń pa ní tòótọ́?

Tọ́ọ̀ṣì àti làǹtánì tó ń gba ṣájì, èyí tí ẹsẹ̀ méjì rẹ̀ ń yọ jáde láti ara rẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ògiri tààrà. Ráákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní tiransifọ́mà kankan. Kápásítọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n tò sójú ọ̀nà iná láti dín in kù, kápásítọ̀ sì máa ń jẹ́ kí iná kọjá ní ìwọ̀n bí iná náà bá ṣe ń yípadà kíá tó. Lórí ìgbì dídán, ìyípadà náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, iye iná tó ń kọjá sì mọ níwọ̀n. Lórí ìgbì onígun, ẹ̀ẹ̀kan ni ìyípadà náà ń já, iná tó ń kọjá á pọ̀ ju ohun tí wọ́n ṣètò fún lọ, dáódù àti bátìrì kékeré inú rẹ̀ á sì jóná. Bí ẹ bá rí i pé ara ohun èlò kan kọ 220V nìkan, tí kò kọ 100-240V, tó sì fúyẹ́, ẹ má fi í sí ínfátà onígun. Fáànù kì í kú kíá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n á máa kùn, á sì máa gbóná.

Nǹkan kan ṣì wà tó ń da oníṣẹ́ iná pàápàá rú. Mítà olówó kékeré ni wọ́n fi ń wọn ínfátà, irú mítà bẹ́ẹ̀ sì gbà pé ìgbì dídán ni gbogbo iná. Lórí ìgbì onígun tó jẹ́ fóòtì 230 gan-an, ó lè kọ 180 síta. Wọn á ní ínfátà náà ti rẹ̀, wọn á tú u, wọn á yí fóòtì rẹ̀ sókè. Ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Mítà tí wọ́n kọ TRUE RMS sí lára ló lè sọ òtítọ́ níbẹ̀.

Kí ló dé tí bátìrì ń tètè tán?

Lójú mi, ibí ni àbùkù ínfátà kékeré wà gan-an fún ẹni tó fẹ́ ṣájì fóònù nìkan, ìgbì rẹ̀ kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ínfátà ń jẹ iná nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí i. Ẹ jẹ́ ká gbà pé èyí tó wà nílé ń jẹ wáàtì 8 lásán. Láti mọ ti yín, ẹ fi mítà tó ń wọn áńpù sójú ọ̀nà wáyà bátìrì láìfi nǹkan kankan sí ínfátà, kí ẹ fi fóòtì bátìrì ṣe ìsọdipúpọ̀ ohun tó bá kọ.

Bátìrì fóònù tí wọ́n kọ 5000 mAh sí ń gba nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 19, ìyẹn iye wáàtì lọ́nà iye wákàtí. Bí a bá fi ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kún un, nǹkan bíi 26 ló ń kúrò lára bátìrì ńlá. Ká ní wákàtí méjì àbọ̀ ni fóònù fi kún. Láàárín àkókò yẹn, ínfátà á ti jẹ 20 tirẹ̀. Àpapọ̀ di 46 nítorí fóònù kan ṣoṣo. Bí fóònù mẹ́rin bá jọ wà lórí rẹ̀ nígbà kan náà, 20 yẹn á pín sí 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tí ínfátà fi bójú mu fún ẹni tó ń fi ṣájì ṣòwò ju ẹni tó ní fóònù kan lọ. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ ní títàn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago méje àárọ̀ ti sọ wáàtì-wákàtí 80 nù. Bátìrì fóòtì 12 tí wọ́n kọ 7Ah sí kò ní ju 84 lọ lápapọ̀.

Ọ̀nà tó dára jù ni ká má gba inú ínfátà kọjá rárá. Iná ojúkan ló wà nínú bátìrì, iná ojúkan ni fóònù ń fẹ́. Ṣájà ọkọ̀, tí wọ́n kọ INPUT: 12-24V sí, ń sọ fóòtì 12 di 5 tààrà. Kò sí fóòtì 230 níbẹ̀, kò sí ìgbì, ojú fóònù kì í sì sábà ṣe wèrè lórí rẹ̀.

Ṣé a lè ṣájì fóònù tààrà láti ara páńẹ́lì?

A lè ṣe é, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ so okùn páńẹ́lì mọ́ okùn fóònù. Páńẹ́lì tí wọ́n ń pè ní ti fóòtì 12 kì í gbé 12 jáde. Nínú oòrùn, láìso nǹkan kan mọ́ ọn, ó ń gbé nǹkan bíi 21 sí 22, bó bá sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bíi 18. Fóònù tó ń retí 5 kò lè fara da ìyẹn. Ṣájà ọkọ̀ olójú 12-24V ló yẹ kó wà láàárín wọn.

Ìkùukùu ni wàhálà kejì. Bí ó bá bo oòrùn, agbára páńẹ́lì á wálẹ̀, ṣájà á kú, á tún jí. Fóònù á máa tanná ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá padà, àwọn fóònù kan á sì máa gba iná díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà títí ẹ óò fi yọ okùn, kí ẹ sì tún fi í bọ ihò rẹ̀. Nítorí náà ni mo fi gbà pé kí ohun kan tó ń kó iná pamọ́ wà láàárín, ì báà ṣe páwà báǹkì. Páwà báǹkì kò mọ ìkùukùu lára tó bẹ́ẹ̀, fóònù á sì gba iná tó dúró ṣinṣin ní alẹ́. Ẹ má gbé e sínú oòrùn pẹ̀lú páńẹ́lì o, ìbáà jẹ́ òun tàbí fóònù. Ooru ń jẹ bátìrì wọn ju ìgbì iná èyíkéyìí lọ. Ẹ fa okùn wọn wá sábẹ́ òjìji.

Báwo ni a ṣe lè to ti fóònù méjì nínú ilé?

Ká mú ilé kan ní Ìbàdàn, fóònù 5000 mAh méjì, tí wọ́n ń ṣájì lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n nílò ni 26 lọ́nà méjì, wáàtì-wákàtí 52.

Páńẹ́lì wáàtì 20 ń gbé nǹkan bí áńpù 1.1 jáde. Kọntirólà kékeré tó ń wà láàárín páńẹ́lì àti bátìrì, tí wọ́n ń kọ PWM sí, ń fa fóòtì páńẹ́lì wálẹ̀ sí ti bátìrì, nǹkan bíi 13, nítorí náà wáàtì 14 ló ń wọlé, kì í ṣe 20. Bí a bá ka wákàtí oòrùn tó mú sí mẹ́rin lóòjọ́, 56 nìyẹn. Ó tó fún fóònù méjèèjì, ó fi díẹ̀ lé. Bí wọ́n bá gba inú ínfátà, ọ̀kan péré ló máa tó. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, kò ní tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a kí ó ra wáàtì 30.

Bátìrì 7Ah ni a ó lò, 84, ṣùgbọ́n bátìrì olójé kì í pẹ́ láyé bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, nítorí náà 42 ló wà nílẹ̀ fún alẹ́. Kí fóònù kan gba ṣájì ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn wà, kí èkejì lo ti alẹ́.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọntirólà, kí páńẹ́lì tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, páńẹ́lì ni kó kọ́kọ́ kúrò. Fíùsì áńpù 5 gbọ́dọ̀ wà lójú wáyà pupa, nítòsí orí bátìrì gan-an, nítorí bátìrì kékeré yìí lè mú wáyà jóná bí ó bá kan ara rẹ̀. Ẹ kọ ojú páńẹ́lì sí gúúsù, kí ó dà díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rí i pé òjìji ẹ̀ka igi tàbí òpó kò bọ́ sórí rẹ̀. Òjìji tó bo igun kan péré lè gba ju ìdajì iná rẹ̀ lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀ lóòórọ̀ kí ó tó gbóná.

Bí fóònù bá ń gba iná díẹ̀díẹ̀, ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB. Bí ó bá kọ fóòtì tó wà láàárín 4.75 sí 5.25, ṣájà ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí okùn fóònù ló tínínrín jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí fóòtì náà bá lọ sábẹ́ 4.5 nígbà tí fóònù wà lórí rẹ̀, ẹ yẹ oríkèé wáyà àti bátìrì wò, ibẹ̀ ni iná ti ń sọnù.